Ẹni tí àbúrò mi lù ti dárí jì í: ṣé ẹjọ́ náà lè parí ní kóòtù?

Bọ́dé Òkè-Àdó
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àbúrò mi àti aládùúgbò wa jà nítorí omi kànga. Àbúrò mi fi ọmọ odó gbá a lápá, egungun apá ṣẹ́. Ọlọ́pàá ti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ìbàdàn, ó ti gba béèlì, ẹlẹ́rìí kankan ò tíì sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ti bá wa parí ẹ̀, a san ₦180,000 owó ilé ìwòsàn, ọkùnrin náà sì ní òun ò ṣẹjọ́ mọ́. Àmọ́ ọlọ́pàá tó ń ro ẹjọ́ náà ní kì í ṣe ẹnu ọkùnrin yẹn ni ẹjọ́ máa ti parí. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló lè fà á sẹ́yìn?

Sàláwù Onímọ́tò
Ọlọ́pàá yẹn ń wá owó ni. Ẹni tó fi ẹjọ́ sùn ló lẹjọ́. Tó bá ti lóun ò ṣe mọ́, ó parí. Kó má lọ sí kóòtù mọ́ ni, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ títí, á rẹ̀ wọ́n, adájọ́ á lé ẹjọ́ náà dànù. Kò sí olùfisùn, kò sí ẹjọ́.

Lọ́yà Àdùnní
Bọ̀dá Sàláwù, apá kan ọ̀rọ̀ yín bá ohun tí à ń rí ní kóòtù mu, ṣùgbọ́n apá kejì lè ti ọmọ yẹn sẹ́wọ̀n. Bọ́dé, ẹ mú ìwé ẹ̀sùn jáde, kí ẹ wo òkè rẹ̀. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti aládùúgbò yín. Ohun tí wọ́n kọ ni Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà orúkọ àbúrò yín. Kọmíṣọ́nnà ló pe ẹjọ́, aládùúgbò yín jẹ́ ẹlẹ́rìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá tirẹ̀ ló ṣẹ́. Ẹlẹ́rìí kò lè fa ẹjọ́ tí kò pè sẹ́yìn. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ ohun tó fẹ́, kí ẹni tó pe ẹjọ́ wá pinnu.

Ìgbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ rọrùn jù lọ. Bí olùfisùn bá kọ̀wé sí dípíò nígbà náà pé òun dárí jì, tí ọgbẹ́ kò le, ọ̀pọ̀ dípíò máa ń pa fáìlì náà dé. Níbẹ̀ pàápàá, wọn kò ní láti gbà. Tẹ́yin ti kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ẹ̀sùn sí i létí, ọlọ́pàá agbẹjọ́rò ló máa dìde ní iwájú adájọ́, tí á sọ pé àwọn ń fa ẹ̀sùn sẹ́yìn. Ohun tó sọ fún yín, òótọ́ ni, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó.

Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà abala wo ni wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀sùn náà? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà.

Ìyá Dámi
Ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Obìnrin kan jẹ mí ní ₦600,000 owó aṣọ. Mo fi ọlọ́pàá mú un, ó ti san ìdajì. Mo fẹ́ fa ẹjọ́ sẹ́yìn báyìí, àípíò ní kí n mú ₦20,000 owó "wídírọ̀ọ̀" wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú òfin?

Lọ́yà Àdùnní
Ìyá Dámi, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti Bọ́dé. Gbèsè lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì kọ̀ fún ọlọ́pàá láti mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn tàbí gbèsè. Kò sí owó kankan nínú òfin fún fífa ẹ̀sùn sẹ́yìn ní àgọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí dípíò, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Ìyókù owó yín, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè ni kí ẹ gbé e lọ. Tó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì ló fún yín tí báńkì dá padà, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ wá sọ fún wa tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Bọ́dé Òkè-Àdó
Lọ́yà, ẹ ṣeun. Ìwé ẹ̀sùn wà lọ́wọ́ mi. Abala 355 ni wọ́n kọ.

Lọ́yà Àdùnní
Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Nínú Kírímínà Koodu, abala 351 ni ìlùni lásán, ẹ̀wọ̀n ọdún 1, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré. Abala 355 ni ìlùni tó ṣe ènìyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ọdún 3 yẹn ni ààlà: ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyà rẹ̀ bá tó ọdún 3 sókè ni òfin ń pè ní fẹ́lónì. Àbúrò yín wà lórí ààlà náà gan-an.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé òfin ilé ẹjọ́ májísíréètì gbà kí adájọ́ fúnra rẹ̀ ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ láti parí ìjà nínú ìlùni lásán, àti nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò bá tó fẹ́lónì tí kò sì burú jáì. Adájọ́ lè ní kí ẹ̀yin san owó ìtánràn fún ẹni tó farapa, kó sì dá ẹjọ́ dúró. Ká ní abala 351 ni, ọ̀nà tí mo máa ní kí ẹ gbà nìyẹn. Pẹ̀lú 355, adájọ́ kò ní agbára yẹn. Ọ̀nà méjì ló kù. Ọlọ́pàá agbẹjọ́rò lè fa ẹ̀sùn sẹ́yìn, tàbí kó pààrọ̀ 355 sí 351 kí adájọ́ lè parí ẹ̀ fún yín. Èyí ìkejì máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwé dókítà bá fi hàn pé apá náà ti dì, tó sì ń ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìntì
Lọ́yà ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kóòtù.

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pe ẹjọ́. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin, mú lẹ́tà lọ fún ọlọ́pàá agbẹjọ́rò. Lẹ́tà náà kò ní ju ojú ìwé kan lọ: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹjọ́, ọjọ́ tí ìjà ṣẹlẹ̀, pé òun ti gba owó ìwòsàn òun, pé òun dárí jì, pé ẹnikẹ́ni ò fipá mú òun. Kó lọ búra àfidéfíìtì ní rẹjísírì kóòtù, ọ̀rọ̀ kan náà ni kó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ọlọ́pàá kò ní dáhùn tí wọn kò bá rí àfidéfíìtì, torí fáìlì máa padà sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, wọ́n á sì bi wọ́n léèrè ìdí tí ẹjọ́ fi kú.

Lọ́jọ́ kóòtù, ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Adájọ́ á pè é síwájú, á bi í pé, "Ìwọ lo kọ èyí? Ta ló ní kó o kọ ọ́? Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọ?" Mo ti rí i tí adájọ́ ní kí àwọn ará ilé afẹ̀sùnkàn jáde kúrò nínú yàrá kó tó béèrè. Bí ọkùnrin náà bá ń wojú yín kó tó dáhùn, ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

Àbúrò yín náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jù nìyẹn. Àwọn ènìyàn á parí ìjà nílé, wọ́n á sì rò pé kóòtù ti mọ̀. Olùjẹ́jọ́ ò ní wá, adájọ́ á ní kí wọ́n mú un, wọ́n á sì pe onídùúró rẹ̀ pé kó wá sọ ìdí tí òun kò fi ní san owó béèlì tó fọwọ́ sí. Ìjà ti parí, béèlì kò tíì parí.

Sàláwù Onímọ́tò
Ẹ ṣeun bàbá. Ṣùgbọ́n tí ọkùnrin náà bá kàn jókòó sílé rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ ẹjọ́ mẹ́ta tó parí bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ó máa ń parí bẹ́ẹ̀, Sàláwù, mi ò jiyàn. Tí olùpẹjọ́ ò bá rí ẹlẹ́rìí mú wá lẹ́yìn ìsúnsíwájú mélòó kan, adájọ́ lè pa ẹjọ́ náà rẹ́ nínú ìwé. Àmọ́ pípa á rẹ́ nínú ìwé kì í ṣe ìdáláre. Wọ́n lè tún un gbé wá. Ọlọ́pàá sì lè ní kí kóòtù fi sọ́mọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Tó bá kọ etí dídi sí i, wọ́n á fi wáráàntì mú un wá. Ẹni tí wọ́n lù á wá dẹni tí wọ́n ń mú. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ fún ẹni tó dárí jì yín nìyẹn?

Lọ́yà Àdùnní
Ó dára tí bàbá mẹ́nu ba ìdáláre. Bọ́dé, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lọ́yà kékeré ti ń ṣì í.

Bí olùpẹjọ́ bá fa ẹ̀sùn sẹ́yìn kí wọ́n tó ní kí olùjẹ́jọ́ wá sọ tẹnu ẹ̀, ohun tí adájọ́ máa ń ṣe ni pé á dá a sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pè é láti wá gbèjà ara rẹ̀ ni, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá a láre. Abala 108 nínú Òfin Àmójútó Ètò Ìdájọ́ Ọ̀daràn ti 2015 ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé ẹjọ́ àpapọ̀ àti Àbújá, òfin àtijọ́ ní abala 75 sì ti sọ ọ́ tipẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òfin tirẹ̀, ẹ ní kí lọ́yà yín ṣí i wò.

Ẹni tí wọ́n dá láre, ó parí, wọn kò lè gbé ẹ̀sùn kan náà wá mọ́. Ẹni tí wọ́n kàn dá sílẹ̀, wọ́n lè tún mú un lọ́la lórí apá kan náà tó ṣẹ́. Ẹjọ́ yín ò tíì ní ẹlẹ́rìí kankan, nítorí náà ìdásílẹ̀ lásán ni ó máa jẹ́, àyàfi tí ẹ bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 108 yẹn gba adájọ́ láyè láti dá ènìyàn láre nígbà yìí náà, tó bá rí ìdí tó tọ́. Kí lọ́yà àbúrò yín dìde, kó bẹ adájọ́ fún ìdáláre, kó sì fi àfidéfíìtì àti rìsíìtì owó ìwòsàn gbè é lẹ́sẹ̀. Adájọ́ lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè kò ní rí i gbà.

Òmíràn: ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin náà kọ̀wé pé wọn kò lù ú. Mo rí àfidéfíìtì tó ní "mo ṣubú ni", nígbà tí ìwé dókítà ní fáìlì sọ pé wọ́n fi nǹkan líle gbá a. Ìbúra èké ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 14. Òótọ́ ni kó sọ: wọ́n lù mí, ọwọ́ mi ti san, mo ti dárí jì.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Lọ́ńdọ̀n
Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbí. Bí obìnrin bá sọ fún ọlọ́pàá pé òun ò ṣẹjọ́ ọkọ òun mọ́, wọ́n á gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ẹnìkan ló halẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ tó ń pe ẹjọ́ fún Ọba á pinnu. Tí wọ́n bá ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tó pe 999, àti fídíò láti àyà aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n lè bá a lọ láìsí i. Ṣé ti Nàìjíríà náà lè rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò sí kámẹ́rà?

Lọ́yà Àdùnní
Ó lè rí bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà nìkan kọ́ ni ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Bọ́dé, ìwé dókítà wà, àwòrán apá tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà wà, ọmọ odó náà lè ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, àwọn tó wà nídìí kànga rí i. Bí àbúrò rẹ̀ bá ti jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ ní àgọ́, ìyẹn ló le jù. Olùpẹjọ́ lè fi gbogbo èyí jà láìgbé ẹni tó farapa wá. Ní ti tọkọtaya, Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní abala 182 gbà kí kóòtù fipá mú ìyàwó wá jẹ́rìí tako ọkọ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn án pé ó lù ú, bí ọkọ náà kò tilẹ̀ gbà.

Kí ẹ sì mọ ohun tó wà ní apá kejì. Tí ọkùnrin náà bá wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí tó ní kò rí bẹ́ẹ̀, olùpẹjọ́ lè bẹ kóòtù kó kà á sí ẹlẹ́rìí tó yí padà, kó sì fi ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ní àgọ́ dojú kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àgọ́ yẹn ò ní di ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀, ó kàn ń ba ẹnu rẹ̀ jẹ́ ni. Nítorí náà tí kò bá sí nǹkan mìíràn nínú fáìlì ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ìjọba sábà máa ń juwọ́ sílẹ̀.

Ìyá Dámi
Tí ènìyàn bá kú ńkọ́? Ẹbí lè dárí jì?

Lọ́yà Àdùnní
Wọ́n lè dárí jì, ṣùgbọ́n kò dá ẹjọ́ dúró. Ẹjọ́ ìpànìyàn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ló ń ṣe é. Kò sí lẹ́tà tí ẹbí lè kọ sí ọlọ́pàá níbẹ̀ tó máa pa ẹjọ́ náà dé. Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ nìkan ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè, abala 211, fún ní agbára láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró nígbàkígbà kí adájọ́ tó dájọ́. Kóòtù tó ga jù ní 1983, nínú ẹjọ́ Ìlọrí ní Èkó, sọ pé kóòtù kò lè béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Abala náà ní kó ro ire ìlú àti ìdájọ́ òdodo, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa rò ó. Bákan náà ni ìfipábánilòpọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọmọdé: àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹbí ti parí ẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kéré jù nínú ẹbí ni wọ́n máa ń fi parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bọ́dé Òkè-Àdó
Ọ̀kan ló ṣì ń dà mí láàmú. ₦180,000 tí a san ńkọ́? Ẹnìkan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gba owó kí ènìyàn má ṣẹjọ́ mọ́.

Lọ́yà Àdùnní
Ẹni náà kò parọ́. Abala 127 nínú Kírímínà Koodu: ẹni tó bá gba owó tàbí ohun mìíràn lórí àdéhùn pé òun máa bo fẹ́lónì mọ́lẹ̀, tàbí òun máa dá ẹjọ́ rẹ̀ dúró, tàbí òun máa fi ẹ̀rí pamọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni. Ó di 7 tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá jẹ́ èyí tó gba ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. 355 sì jẹ́ fẹ́lónì. Ẹni tó gba owó ni abala náà kọ́kọ́ fojú sùn, ìyẹn aládùúgbò yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé owó ilé ìwòsàn ni, ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn, kí iye owó àti rìsíìtì bára mu. Ẹ má kọ gbólóhùn kankan pé "nítorí èyí kò ní jẹ́rìí." Kó fọwọ́ sí i pé tí kóòtù bá pe òun, òun máa wá.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìntì
Lọ́yà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo jókòó sábẹ́ adájọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò rí ẹni tí wọ́n mú lórí abala yẹn nítorí apá tó ṣẹ́. Àwọn adájọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń sọ pé, "Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé, kí ẹ padà wá." Tí ẹ bá fi ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn báyìí, ẹni tó farapa kò ní gba kọ́bọ̀, nítorí tí wọ́n bá rán ọmọ yẹn lọ sẹ́wọ̀n, ta ló máa san owó dókítà?

Lọ́yà Àdùnní
Bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ń sọ nípa ohun tí ọlọ́pàá tó bá bínú lè fi há ènìyàn lọ́rùn. Adájọ́ tó ní kí ẹ lọ parí ẹ̀ lórí 355 ń ṣe ohun tí òfin rẹ̀ kò fún un. Kò sí ẹni tó máa gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga nítorí ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òfin ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tíì tún un ṣe, rìsíìtì ni mo fẹ́ rí.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìntì
A ò ní gbà fún ara wa lórí ìyẹn lónìí. Bọ́dé, ọjọ́ wo ni kóòtù dá fún yín?

Bọ́dé Òkè-Àdó
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ wa, ₦143,000 ló jẹ́. Ìyókù, ó ní òun fi wọ ọkọ̀, òun sì fi jẹun nígbà tí òun ò lè ṣiṣẹ́.

Lọ́yà Àdùnní
Kó kọ ₦37,000 náà sílẹ̀ lọ́tọ̀: owó ọkọ̀, oúnjẹ, iye ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Kó fọwọ́ sí i níwájú ẹnìkan tí kì í ṣe ará ilé yín. Kó mú un lọ pẹ̀lú lẹ́tà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá agbẹjọ́rò kó tó di ọjọ́ kọkànlá. Kí lọ́yà yín sì bi í lọ́jọ́ yẹn bóyá ó máa fa 355 sẹ́yìn ni, àbí ó máa pààrọ̀ rẹ̀ sí 351, torí ohun tí ẹ máa bẹ adájọ́ fún yàtọ̀ síra.